Kí katapílà tó dé: bí a ṣe ń ṣírò yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí a máa gé àti èyí tí a máa fi kún ilẹ̀

Ní Àbújá níbí, ìbéèrè tí onílẹ̀ kọ́kọ́ máa ń bi mí ni "Típà mélòó ni?" Ẹni tó bá dáhùn láì tíì gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń méfò ni. Ilẹ̀ ibí kì í sábà tẹ́. Ojú tó bá wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ 30 mítà máa ń rò pé kò ju bí orúnkún lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ga ju èjìká ọkùnrin lọ.

Ilẹ̀ tí màá fi ṣàlàyé wà ní Kubwa. Màmá kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń tajà ní Wuse, ló ni ín. Ó gùn ní 30 mítà láti ẹ̀yìn dé ojú títì, ó sì fẹ̀ ní 20 mítà, èyí tó fún wa ní 600 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ga, iwájú rẹ̀ ló rẹlẹ̀. Ohun tí màmá fẹ́ ni pé ká gé òkè fi kún ìsàlẹ̀, kó má ṣe ra yẹ̀ẹ̀pẹ̀, kó má sì san owó kí wọ́n gbé látẹ̀ráìtì rẹ̀ dà nù. Ohun tó ṣeé ṣe ni, àmọ́ a ní láti mọ gíga tí ilẹ̀ náà máa dúró sí kí katapílà tó fi abẹ kan ilẹ̀.

Títa okùn àti gbígbá èèkàn

Mo kọ́kọ́ gbá èèkàn igun kan, mo sì ta okùn kan lọ sí gígùn, òmíràn lọ sí fífẹ̀. Láti mọ̀ pé igun náà gún, mo wọn 3 mítà lórí okùn kìíní, mo wọn 4 mítà lórí ìkejì, mo sì na téèpù láàárín ojú àmì méjèèjì. Tí téèpù bá sọ 5 mítà gẹ́lẹ́, igun ti gún. Tí mo bá wá gbá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, mo máa ń na téèpù láti igun sí igun tó dojú kọ ọ́. Fún ilẹ̀ 30 sí 20, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 36.06 mítà. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 36.06 tí èkejì sì jẹ́ 36.40, ibì kan ti wọ́, ẹ má ì bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pín gbogbo rẹ̀ sí 10 mítà 10 mítà. Ìlà mẹ́ta ló lọ sí gígùn, mo pè wọ́n ní A, B àti C. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, èèkàn mẹ́rin ni: 1 wà lẹ́yìn lókè, 4 wà níwájú lẹ́bàá títì. Èèkàn 12 ni gbogbo rẹ̀, àpótí mẹ́fà ló sì wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100 mítà onígun mẹ́rin.

Ṣé 10 mítà tó? Ilẹ̀ ló máa sọ. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé mo máa ń ka gíga àárín àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, mo sì máa ń fi í wé ìpíndọ́gba èèkàn mẹ́rin tó yí i ká. Tí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé 10 sẹ̀ǹtímítà láàárín àpótí kan kò ju kúbíìkì mítà mẹ́ta lé díẹ̀ lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ohun tó fara pamọ́ sínú àpótí yẹn, bóyá òkìtì ọ̀gán tàbí ojú àgbàrá, èèkàn 5 mítà ni mo máa gbá síbẹ̀.

Kíka gíga

Ibi tí a máa fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí katapílà kò ní dé. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí kọnkéré etí gọ́tà tó wà níwájú ilẹ̀ náà, mo sì sọ pé gíga rẹ̀ jẹ́ 100.00 mítà. Kò pọn dandan kó jẹ́ gíga gidi láti orí òkun, iye kan tí kò ní jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ òdo lásán ni.

Mo gbé ẹ̀rọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì, awò tí a fi ń wọn gíga ilẹ̀, sí ibi tí mo ti lè rí gbogbo èèkàn, mo tún omi inú rẹ̀ ṣe títí ó fi dúró láàárín, mo sì ní kí ọmọkùnrin tó ń di sítáàfù, ọ̀pá gígùn tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, mú gbé e lé àmì pupa náà. Kíkà rẹ̀ jẹ́ 2.35. Ìyẹn ni pé ojú ẹ̀rọ wà ní 100.00 + 2.35, èyí tó jẹ́ 102.35. Láti ibẹ̀ lọ, gíga ibikíbi ni 102.35 yọ kíkà sítáàfù níbẹ̀. Ní A1, mo ka 0.40, nítorí náà ilẹ̀ ibẹ̀ wà ní 101.95. Ní C4, mo ka 2.40, ibẹ̀ sì jẹ́ 99.95. Mítà méjì gbáko ló wà láàárín igun méjèèjì, lórí ilẹ̀ tí màmá ní "ó kàn dagun díẹ̀ ni".

Ọmọ Háúsá ni ọmọkùnrin tó ń di sítáàfù mú fún mi, "dáma" ni mo ń pè fún un tí mo bá fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, "hágù" fún òsì. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ jù ni ìsàlẹ̀ sítáàfù. Ìtì koríko tútù ni ilẹ̀ Kubwa máa ń ní lásìkò òjò, tí sítáàfù bá sì gorí rẹ̀, a lè fi 3 tàbí 4 sẹ̀ǹtímítà ṣòfò láìmọ̀. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ 2 sẹ̀ǹtímítà kárí 600 mítà onígun mẹ́rin jẹ́ kúbíìkì mítà 12. Mo ní kó máa fi bàtà fọ́n koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbé e lélẹ̀.

Lẹ́yìn èèkàn kejìlá, a padà sórí àmì pupa. Tí n kò bá rí 2.35 tàbí ohun tí kò jìnnà sí i ju 1 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti rì tàbí ẹnìkan ti kọlù ú, gbogbo rẹ̀ di àtúnkà.

Ilẹ̀ dúdú òkè kì í ṣe ti wa

Ibí yìí ni owó ti máa ń ṣòfò jù, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ọgbọ́n. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dá iṣẹ́ gbà ní Lugbe, mo ka gíga ilẹ̀ kan dáadáa, mo ṣírò rẹ̀ lóru títí ó fi bá ara mu. Gígé àti kíkún dọ́gba. Nígbà tí katapílà dé, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó họ koríko, gbòǹgbò àti ilẹ̀ dúdú kúrò lórí gbogbo ilẹ̀ náà, ó sì kó o jọ sí igun kan. Mo dúró níbẹ̀ mo ń wò ó. Àfìgbà tí òkìtì náà ga jù mí lọ ni mo tó rántí pé gbogbo òkìtì yẹn wà nínú ìṣirò mi gẹ́gẹ́ bí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí a máa fi kún ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ dúdú ní gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà nínú. Tí ẹ bá fi sábẹ́ ilé, yóò jẹrà tán, yóò rì, ògiri á sì lanu. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ họ ọ́ kúrò níbi tí a máa gé àti níbi tí a máa kún pẹ̀lú. Láti mọ bó ṣe jìn tó, mo máa ń fi ṣọ́bìrì wa ihò kékeré níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọ̀ ló máa sọ: dúdú tàbí pupa rúsúrúsú tó kún fún gbòǹgbò ní òkè, lẹ́yìn náà ni pupa gidi tó le. Ní ilẹ̀ màmá yìí, ó jẹ́ bíi 15 sẹ̀ǹtímítà níbi gbogbo.

Nítorí náà, mo yọ 0.15 kúrò nínú gbogbo gíga tí mo kà kí n tó fọwọ́ kan ìṣirò kankan. Èyí tó kù rèé, ní mítà:

```
        1        2        3        4
A    101.80   101.40   100.90   100.50
B    101.60   101.20   100.70   100.20
C    101.50   101.00   100.40    99.80
```

Ilẹ̀ dúdú náà fúnra rẹ̀ jẹ́ 600 × 0.15, ìyẹn kúbíìkì mítà 90. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó máa gbà jáde, màá padà sí i.

Ìpíndọ́gba tí kì í ṣe ìpíndọ́gba lásán

Tí a bá fẹ́ kí gígé àti kíkún dọ́gba, gíga àárín ilẹ̀ ni a ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ro iye 12 náà pọ̀, wọn á fi 12 pín in. Kò tọ̀nà tán. Èèkàn igun, bíi A1, àpótí kan ṣoṣo ló kàn. Èèkàn etí, bíi A2, àpótí méjì ló kàn. B2 tó wà láàárín kan mẹ́rin. Nítorí náà igun gbà 1, etí gbà 2, àárín gbà 4.

Kí ọwọ́ lè yá, mo yọ 100 kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1.80, 0.50, 1.50 àti −0.20, àpapọ̀ wọn 3.60. Etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (A2, A3, B1, B4, C2, C3) jẹ́ 5.50, ní ọ̀nà méjì ó di 11.00. B2 àti B3 jẹ́ 1.90, ní ọ̀nà mẹ́rin ó di 7.60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 22.20. Àpapọ̀ ìlọ́po jẹ́ 24, nítorí náà 22.20 ÷ 24 = 0.925. Gíga àárín ilẹ̀ jẹ́ 100.925.

Ẹni tó bá fi 12 pín lásán máa rí 100.917. Kúbíìkì mítà 5 péré ni ìyàtọ̀ yẹn lórí ilẹ̀ yìí, nítorí pé ó dagun ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Níbi tí òkè bá wà láàárín ilẹ̀ tí etí rẹ̀ sì rẹlẹ̀, àṣìṣe náà kì í kéré bẹ́ẹ̀.

Ihò kan, báàkẹ́ẹ̀tì mélòó?

Tí a bá fi 100.925 ṣe gíga ilẹ̀, gígé jẹ́ kúbíìkì mítà 114.3, kíkún náà jẹ́ 114.3. Ó dùn-ún rí lórí ìwé. Àmọ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kì í dúró lójú kan. Bó ṣe wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí, bó ṣe wà nínú típà lẹ́yìn tí wọ́n wa á, àti bó ṣe wà lẹ́yìn tí rólà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Mi ò kì í mú iye látinú ìwé tí mo bá ti lè dán an wò. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, níbi tí a máa gé, mo ní kí wọ́n họ ilẹ̀ dúdú kúrò, kí wọ́n sì wa ihò tó gún dáadáa, 50 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 40 ní jíjìn. Ihò yẹn gba lítà 100. Gbogbo ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni a fi báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 wọ̀n, láì tẹ̀ ẹ́. Ó kún báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ tó tó ìdá mẹ́rin báàkẹ́ẹ̀tì: lítà 125. Ìyẹn ni pé yẹ̀ẹ̀pẹ̀ yìí máa ń wú di 1.25 nígbà tí wọ́n bá wa á.

Lẹ́yìn náà a dà á padà sínú ihò náà, díẹ̀díẹ̀, a ń wọ́n omi sí i, a sì ń fi igi gbọọrọ gún un títí ó fi ń dún kì, kì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ihò náà kò kún. Mo gbé pákó lé ẹnu rẹ̀, mo wọn ìsàlẹ̀ pákó sí ojú yẹ̀ẹ̀pẹ̀: 4 sẹ̀ǹtímítà. Nínú 40, 4 ti sọnù, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lítà 100 tó jáde ti di 90. Igi ọwọ́ kì í ṣe rólà, bẹ́ẹ̀ ni ihò kan kì í ṣe gbogbo ilẹ̀, àmọ́ ó sàn ju àfọwọ́sọ lọ. Bí ènìyàn bá láàyè, kó wa méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ wá wo ohun tí 0.90 yẹn ṣe fún 100.925. A gé 114.3, lẹ́yìn tí rólà tẹ̀ ẹ́, ó di 102.9. Àyè tí a fẹ́ kún jẹ́ 114.3. Ó kù kúbíìkì mítà 11.4 tí a ní láti lọ rà. Ìyẹn ló fà á tí àwọn tó fi ìpíndọ́gba ṣiṣẹ́ fi máa ń pe típà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n sì ń bínú sí awakọ̀ katapílà pé ó jí yẹ̀ẹ̀pẹ̀.

Ohun tó tọ́ ni pé ká sọ ilẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kí gígé pọ̀ ju kíkún. Mo mú 100.90, mo sì lọ dán an wò.

Àpótí mẹ́fà

Yọ 100.90 kúrò nínú gíga kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ju òdo lọ, gígé ni. Èyí tó bá rẹlẹ̀ sí òdo, kíkún ni.

```
        1       2       3       4
A    +0.90   +0.50    0.00   −0.40
B    +0.70   +0.30   −0.20   −0.70
C    +0.60   +0.10   −0.50   −1.10
```

Níbi tí èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí bá jẹ́ gígé tàbí kíkún nìkan, ó rọrùn: ro wọ́n pọ̀, fi 4 pín in, sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Àpótí ẹ̀yìn lápá òsì (A1, A2, B2, B1) jẹ́ 2.40 ÷ 4 × 100, ìyẹn gígé 60. Èyí tó tẹ̀ lé e sí ẹ̀gbẹ́ (B1, B2, C2, C1) jẹ́ 1.70 ÷ 4 × 100, gígé 42.5. Níwájú, A3, A4, B4, B3 jẹ́ kíkún 32.5, B3, B4, C4, C3 sì jẹ́ kíkún 62.5.

Àpótí méjì tó wà láàárín ló ṣòro díẹ̀, nítorí pé ìlà òdo, ibi tí a kò ti ní gé tí a kò sì ní kún, gba inú wọn kọjá. Ẹ má ṣe ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ níbẹ̀, nítorí gígé á jẹ kíkún, iṣẹ́ á sì dà bí ẹni pé ó kéré. G ni àròpọ̀ àwọn iye gígé, K ni àròpọ̀ àwọn iye kíkún láì ka àmì ìyọkúrò wọn, A níhìn-ín, tí kì í ṣe ìlà A, sì ni mítà onígun mẹ́rin tó wà nínú àpótí, ìyẹn 100:

```
gígé  = (A ÷ 4) × G² ÷ (G + K)
kíkún = (A ÷ 4) × K² ÷ (G + K)
```

Ní àpótí A2, A3, B3, B2, G jẹ́ 0.50 + 0.30, ìyẹn 0.80, K jẹ́ 0.20. A ÷ 4 jẹ́ 25. Gígé jẹ́ 25 × 0.64 ÷ 1.00, ó di 16.0. Kíkún jẹ́ 25 × 0.04 ÷ 1.00, ó di 1.0. Ní àpótí B2, B3, C3, C2, G jẹ́ 0.40, K jẹ́ 0.70: gígé jẹ́ 3.6, kíkún jẹ́ 11.1. Ìṣirò yìí dára níbi tí gígé bá wà lápá kan àpótí tí kíkún sì wà lápá kejì. Tí igun tó dojú kọra bá jẹ́ gígé tí méjì yòókù jẹ́ kíkún, má gbára lé e, lọ gbá èèkàn sí i.

Ẹ ròó pọ̀: gígé jẹ́ 60 + 42.5 + 16 + 3.6, ìyẹn 122.1. Kíkún jẹ́ 32.5 + 62.5 + 1 + 11.1, ìyẹn 107.1. Ó ní ọ̀nà kan tí a lè fi mọ̀ bóyá a ṣì í: ìyàtọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ìyàtọ̀ gíga àárín àti gíga tí a mú mu, kárí gbogbo ilẹ̀. 100.925 yọ 100.90 jẹ́ 0.025, ní ìlọ́po 600 ó jẹ́ 15. Gígé yọ kíkún jẹ́ 15. Ó bá ara mu. Tí kò bá bá ara mu, àmì ìyọkúrò kan ti sọnù níbì kan, mo mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, 122.1 tí rólà bá tẹ̀ ẹ́ di 109.9. Kíkún jẹ́ 107.1. Ó ṣẹ́ kù kúbíìkì mítà 2.8, èyí tí kò ju ohun tó máa dà nù lójú ọ̀nà. 100.90 ni gíga wa.

Tí mo bá ti ṣe àṣìṣe Lugbe lórí ilẹ̀ yìí ńkọ́, tí mo gbàgbé ilẹ̀ dúdú? Ǹ bá ti mú 101.05, torí pé gbogbo gíga tí mo kà fi 0.15 ga ju tòótọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá họ ilẹ̀ dúdú tán, gígé gidi á jẹ́ 79.3, kíkún á sì jẹ́ 154.3. Tí a bá tẹ̀ 79.3 mọ́lẹ̀, ó di 71.3, ó kù 83 tí a máa rà. Kí a tó rí 83 lẹ́yìn rólà, a nílò nǹkan bí 115 nínú típà. Ìyẹn típà oníkúbíìkì mítà márùn-ún 23. Màmá ni yóò san án.

Típà

Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé "tọ́ọ̀nù mẹ́wàá", "tọ́ọ̀nù ogún". Ìwúwo ni tọ́ọ̀nù, kì í ṣe àyè. Mo máa ń gun ẹ̀yìn típà pẹ̀lú téèpù. Èyí tí a gbà jẹ́ 3.5 mítà ní gígùn, 2.1 ní fífẹ̀, 0.7 ní gíga, ó jẹ́ 5.1, mo sì kọ 5 sílẹ̀ torí pé kì í sábà kún dé etí lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Ohun tó máa jáde lórí ilẹ̀ màmá ni ilẹ̀ dúdú 90. Nínú típà ó máa wú, mo fi 1.25 kan náà ṣe ìdiwọ̀n rẹ̀, ó di bíi 112, ìrìn 23. Màmá wò mí lójú. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n sanwó kí wọ́n gbé yẹ̀ẹ̀pẹ̀ mi lọ ni, ọmọ mi?" Mo ní rárá, Màmá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú bíi ìdá mẹ́ta rẹ̀ sí ẹ̀yìn fún ọgbà ẹ̀fọ́ yín, ẹ jẹ́ ká bi aládùúgbò tó ń gbin òdòdó léèrè bóyá ó fẹ́. Aládùúgbò náà gba ìrìn mẹ́wàá, ó sì sanwó epo.

Kó má tẹ́ bí tábìlì

Ilẹ̀ tó bá tẹ́ pátápátá máa ń gba omi dúró, òjò Àbújá kì í sì í ṣe eré. Mo máa ń jẹ́ kó dagun ní 1 mítà nínú 100 sí ibi tí gọ́tà wà. Lórí 30 mítà, ó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà. Tí a bá fi àárín ilẹ̀ ṣe ìkọ́, kí ẹ̀yìn gbéra 15 sẹ̀ǹtímítà kí iwájú sì sọ̀ kalẹ̀ 15, gíga àárín kò yí padà, ìyàtọ̀ gígé àti kíkún ṣì jẹ́ 15. Nítorí náà ìlà 1, ìyẹn èèkàn A1, B1 àti C1, di 101.05, ìlà 2 di 100.95, ìlà 3 di 100.85, ìlà 4 di 100.75.

Mo tún àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe pẹ̀lú gíga tuntun yìí. Gígé jẹ́ 100.7, kíkún jẹ́ 85.7. Nítorí pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti dagun sí ọ̀nà kan náà, a dín kúbíìkì mítà 21 kù nínú ohun tí katapílà máa gé, omi sì rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn rólà, 100.7 di 90.6, ó ṣẹ́ kù bíi 5. Èyí ni a fi ṣiṣẹ́.

Ohun tí àpótí kò sọ

Ní C4, kíkún ṣì ga tó 0.95 mítà ní etí ilẹ̀. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kì í dá dúró bí ògiri. Tí kò bá sí ògiri ìdádúró, ó máa yọ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò tàbí sínú gọ́tà. Tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó máa gba 1.5 mítà ní ìbú fún 1 mítà gíga, ìyẹn bíi 1.4 mítà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ yín. Ìṣirò tòkè yìí gbà pé ògiri wà ní etí gbogbo.

Òkúta ni èkejì. Ní agbègbè yìí, òkúta lè wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ láìsí àmì kankan lókè. Kí n tó fọwọ́ sí iye gígé, mo máa ń kán irin gbọọrọ mọ́lẹ̀ ní ibi tí gígé ti jìn jù, A1 àti B1 níhìn-ín, títí dé jíjìn tí a fẹ́ gé. Tí irin bá dún gan-an tó sì ta padà sí ọwọ́, mo gbé e sún síwájú mítà kan, mo tún kán an. Tó bá ta padà níbi mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kì í ṣe òkúta kéékèèké mọ́, katapílà lásán kò ní lè gé e, ó sì sàn kí gíga ilẹ̀ gòkè kí a ra yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ju kí a máa fọ́ òkúta.

Lọ́jọ́ iṣẹ́

Katapílà máa hú gbogbo èèkàn 12 náà kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, nítorí náà mo gbá èèkàn mìíràn sí ìta ilẹ̀, 2 mítà kúrò ní etí, ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n lè fi okùn rí ibi tí ti inú wà padà. Kíkún ni a ń tẹ́ ní 15 tàbí 20 sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kan, rólà á kọjá, a tó da òmíràn lé e. Ẹni tó bá da gbogbo mítà kan lẹ́ẹ̀kan náà tó wá fi rólà tẹ òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, 0.90 yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí awakọ̀ katapílà sọ pé "Ọ̀gá, ó ti tẹ́", mo gbé ẹ̀rọ padà. Mo ka àmì pupa lórí gọ́tà, ó jẹ́ 2.35 bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n, torí pé ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bá tẹ̀ lé ló ń yí kíkà padà; tó bá jẹ́ 2.20 ni, màá kàn fi ojú ẹ̀rọ 102.20 ṣírò gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lú 102.35, sítáàfù gbọ́dọ̀ ka 1.30 ní gbogbo èèkàn ìlà 1, 1.40 ní ìlà 2, 1.50 ní ìlà 3, 1.60 ní ìlà 4. Ní C4, mo rí 1.66. Ó ku 6 sẹ̀ǹtímítà, mo sì tọ́ka sí òkìtì kékeré tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀yìn.